Abo Jẹ́sì mi bímọ lálẹ́ àná, kò lè dìde mọ́

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Ẹ̀yin tí ẹ ń sin màálù oníwàrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Abo Jẹ́sì mi kan bímọ lálẹ́ àná, ìbí kẹrin rẹ̀ nìyí. Ó bí wẹ́rẹ́, ibi ti jáde, ọmọ sì ń mu. Ní ìdájí a fún wàrà àkọ́kọ́ rẹ̀ tán pátápátá, ó tó lítà 10. Kò pẹ́ sí i ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bíi ẹni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbé e mọ́. Ní báyìí ó ti jókòó sílẹ̀, ó yí orí sí ìhà, imú rẹ̀ gbẹ. Ọmọ oko mi ní ibà ni, ó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò. Mo ní kó dúró ná.

Ṣọlá Ilé-Ẹran
Ọmọ oko yín kò jẹ̀bi o. Ẹran tó bá bímọ tí kò dìde, kòkòrò ti wọ inú ilé ọmọ nìyẹn. Ẹ gún un, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nù ún lára kí ooru ara rẹ̀ lè wálẹ̀.

Dókítà Ẹran Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ má tíì gún un ní nǹkan kan, ẹ má sì fi aṣọ tútù kàn án. Ẹ fi ọwọ́ di ìdí etí rẹ̀ mú: ṣé ó gbóná ni àbí ó tutù? Tí ẹ bá ní tẹmómítà, ẹ ki í bọ ihò ìdí, kí ẹ sọ iye tó kà fún mi. Ẹ wo ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ǹjẹ́ ọ̀kan le, àbí wàrà inú rẹ̀ ti di omi? Ẹ sọ fún mi pẹ̀lú, ṣé ó ya ìgbẹ́ láti àárọ̀? Tí ẹ bá ju koríko sí i níwájú, ṣé ó jẹ ẹ́?

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Dókítà, ẹ ṣeun. Etí rẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ náà tutù. Tẹmómítà ka 37.3. Ọmú rọ̀, wàrà inú rẹ̀ dára. Kò ya ìgbẹ́ rárá, kò sì wo koríko. Ẹyinjú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn.

Dókítà Ẹran Ògbómọ̀ṣọ́
Kì í ṣe kòkòrò. Ara màálù tó yá máa ń tó 38.5, tiyín ti lọ sílẹ̀ sí 37.3. Kálísíọ́mù ló tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn olóko ń pè ní milk fever. Tó bá jẹ́ pé iṣan ẹsẹ̀ ló fara pa nígbà tó ń bí, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀, á sì máa jẹun níbi tó jókòó sí. Tó bá jẹ́ pé májèlé inú ọmú ni, ẹ ó rí i nínú wàrà. Tiyín kò jọ méjèèjì.

Ẹ pe dókítà ẹran tó súnmọ́ yín jù lọ, kí ẹ sọ fún un pé kó mú kálísíọ́mù bóróglúkónéètì wá. Kó tó dé, ẹ má jẹ́ kó fi ìhà lélẹ̀. Ẹ fi àpò koríko tì í ní ejìká kó lè máa jókòó lórí àyà, torí tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, oúnjẹ inú lè padà wá sí ọ̀fun kó gbà á lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fi igo da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe omi, ì báà ṣe oògùn. Iṣan ọ̀fun rẹ̀ náà ti rọ, kò lè gbé e mì dáadáa. Ẹ má fún wàrà rẹ̀ mọ́ lónìí.

Bàbá Wàrà
Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ lóko, kò sí igo kálísíọ́mù nítòsí. Páǹpù kẹ̀kẹ́ la fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọmú, a ó fi aṣọ dè orí ọmú, màálù á sì dìde. Ojú mi ni.

Ọmọ Ìbàdàn ní Sọ́másẹ́ẹ̀tì
Bàbá ò parọ́. Oko màálù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbà ibí náà máa ń sọ̀rọ̀ páǹpù yẹn. Láti nǹkan bí ọdún 1900 ni wọ́n ti ń lò ó ní Yúróòpù, kí wọ́n tó mọ̀ pé kálísíọ́mù ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Afẹ́fẹ́ yẹn máa ń ti wàrà padà, kálísíọ́mù tó ń jáde bá dúró. Àmọ́ páǹpù tí kò mọ́ á kó ìdọ̀tí sínú ọmú, ọmú á sì wú. Bí igo bá wà, ẹ lo igo.

Ìyá Ewúrẹ́ Ṣakí
Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ yìí. Ewúrẹ́ mi kan náà jókòó, kò dìde, ó kù bí ọ̀sẹ̀ méjì kó bí, ikùn rẹ̀ tóbi gan-an. Ṣé kí n ra igo kálísíọ́mù yẹn fún un?

Dókítà Ẹran Ògbómọ̀ṣọ́
Ìyá, ti yín yàtọ̀ díẹ̀. Ewúrẹ́ tó ní ìbejì tàbí ìbẹta nínú, ebi agbára ló sábà máa ń mú un kó tó bí, torí àwọn ọmọ gba gbogbo àyè inú rẹ̀, kò lè jẹ púpọ̀ mọ́. Kálísíọ́mù lè kéré lára rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó lónìí. Ẹ bá mi ṣí ìjíròrò tirẹ̀, kí a má da méjèèjì pọ̀.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Dókítà ti dé. Igo 500 mílílítà kan ló mú wá, lára rẹ̀ ni wọ́n kọ 23% sí. Ó gbé igo náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kó tó fi abẹ́rẹ́ sí iṣan ọrùn. Ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn sí àyà ẹran. Ọmọ oko mi ní kó gbé igo sókè kó lè yá, dókítà kọ̀.

Dókítà Ẹran Ògbómọ̀ṣọ́
Ó ṣe dáadáa tó kọ̀. Nǹkan bí gíráàmù 10 kálísíọ́mù ló wà nínú igo yẹn, kò sì yẹ kó ju gíráàmù kan lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú 10 ni ó kéré jù, 15 ló dára. Tí ó bá yára wọlé, ọkàn ẹran lè dúró lójú yín. Tí dókítà bá gbọ́ pé ọkàn ń fo ìlù, á dá a dúró ná. Ẹ wo àmì wọ̀nyí bó ṣe ń wọlé: ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ìhà, á gùnfẹ̀, imú á rin, á sì ya ìgbẹ́. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ dókítà ẹran nínú bí ìgùnfẹ̀ yẹn.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀! Ó gùnfẹ̀, ó ya ìgbẹ́ líle kan, ó sì dìde fúnra rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ń jẹ koríko báyìí. Ṣé ó ti tán?

Dókítà Ẹran Ògbómọ̀ṣọ́
Kò tíì tán. Nínú mẹ́rin tó bá dìde báyìí, ọ̀kan lè tún jókòó láàárín ọjọ́ méjì, torí ohun tí igo fún un kò pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó ti lè gbé nǹkan mì, dókítà lè fún un ní kálísíọ́mù tí wọ́n ń gbé mì lónìí àti lọ́la. Àwọn míì máa ń fi igo kejì sí abẹ́ awọ, tí wọ́n á pín in sí ojú ibi mélòó kan. Èyí tí wọ́n bá kọ glúkóòsì sí lára igo rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sí abẹ́ awọ o, á di egbò.

Ẹ sọ fún mi báyìí: kí ló ń jẹ láàárín oṣù méjì tí ẹ ti dá fífún wàrà rẹ̀ dúró?

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Oúnjẹ rẹ̀ dára, mi ò fi ebi pa á. Èèsún tútù láti inú pápá tí mo ń fi ìgbẹ́ adìẹ bọ́, ewé àgunmaníyè púpọ̀, àti oúnjẹ àpòpọ̀ tí àwọn tó ń fún wàrà ń jẹ. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹran fún mi ní kí n fi egungun lílọ̀ àti ìkarahun lílọ̀ kún un, torí kálísíọ́mù ló ń kọ́ egungun ọmọ.

Ṣọlá Ilé-Ẹran
Ìyẹn dára gan-an. Bí kálísíọ́mù bá pọ̀ nínú oúnjẹ, báwo ló ṣe máa tán nínú ẹ̀jẹ̀? Á jẹ́ pé kò fún un tó ni.

Dókítà Ẹran Ògbómọ̀ṣọ́
Ṣọlá, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ olóko ti ń ṣìnà. Òótọ́ ni pé ọmọ inú ń lo kálísíọ́mù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti màálù yìí ṣírò. Gbogbo kálísíọ́mù tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ màálù kan kò ju nǹkan bí gíráàmù 3 lọ. Lítà kan wàrà àkọ́kọ́ ń gba nǹkan bí gíráàmù 2. Lítà 10 tí wọ́n fún ní ìdájí yẹn ti gba 20. Ibo ni ìyókù ti wá? Ara ní láti fà á yọ láti inú egungun, kó sì fi agbára gbà á láti inú ìfun.

Iṣẹ́ fífà yìí kì í bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó ń gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó jí. Tí oúnjẹ bá sì ti kún fún kálísíọ́mù fún oṣù méjì, ara kò nídìí láti jí i, ṣe ló ń sùn, bí ọmọ tí bàbá ń fún lówó lójoojúmọ́ tí kò kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ tí màálù bí ni owó dáwọ́ dúró. Ìkarahun àti egungun lílọ̀ wúlò gan-an lẹ́yìn ìbí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ìbí, ẹ mú un kúrò, àti àgunmaníyè pẹ̀lú, kálísíọ́mù pọ̀ nínú ewé bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ní Sọ́másẹ́ẹ̀tì
Èèsún tí wọ́n fi ìgbẹ́ adìẹ bọ́ yẹn náà wà nínú ẹjọ́ yìí o. Pòtásíọ́mù máa ń pọ̀ nínú koríko bẹ́ẹ̀, ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ màálù rí bí omi eérú, egungun kì í sì gbọ́ ìpè ara dáadáa nígbà náà. Níbí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn ni a ń fún wọn ní iyọ̀ pàtàkì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ kan díẹ̀. A máa ń gba ìtọ̀ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, a ó fi bébà kékeré tó ń wọn pH, ìyẹn bí ìtọ̀ ṣe kan tó, kàn án. Fún Jẹ́sì, a fẹ́ kó wà láàárín 5.8 sí 6.3, fún Fíríṣíàn, 6.2 sí 6.8. Tó bá ju 7 lọ, iyọ̀ kò ṣiṣẹ́. Tó bá wá sí ìsàlẹ̀ 5.5, a ti fi jù, ẹran á sì kọ oúnjẹ. Iyọ̀ náà korò, a ní láti pò ó mọ́ oúnjẹ dídùn.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Iyọ̀ yẹn kò sí ní ọjà wa, bó bá sì wà, mi ò ní lè ra á fún màálù mẹ́fà.

Dókítà Ẹran Ògbómọ̀ṣọ́
Kò pọn dandan. Ẹ wá ibi kan tí ẹ kò fi ìgbẹ́ adìẹ bọ́, kí ẹ gé koríko tó ti gbó níbẹ̀, tàbí kí ẹ lo pòròpórò àgbàdo àti sáílééjì àgbàdo, ìyẹn àgbàdo tútù tí a gé tí a sì dì pa fún ẹran, pòtásíọ́mù kì í pọ̀ nínú wọn. Ẹ fi oúnjẹ àpòpọ̀ tí kò ní ìkarahun àti egungun kún un díẹ̀ kí agbára má bàa tán lára rẹ̀. Mágínísíọ́mù sì gbọ́dọ̀ wà, torí láìsí i, egungun kì í jí bó ṣe yẹ. Dókítà yín lè wọn iyọ̀ Ẹ́písọ́mù fún yín. Jẹ́sì ní láti gba ìtọ́jú yìí ju àwọn yòókù lọ, pàápàá láti ìbí kẹta sókè. Màálù funfun Fúlàní tó ń fún lítà méjì kì í sábà rí wàhálà yìí.

Bàbá Wàrà
Ìbéèrè mi rèé. Láyé wa, a kì í fún wàrà tán fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìdajì la ń mú, kí kálísíọ́mù má bàa tán. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ní ká fún un tán.

Ọmọ Ìbàdàn ní Sọ́másẹ́ẹ̀tì
Ọ̀gá mi níbí ní kí a fún un tán, ó ní wàrà tó bá ṣẹ́kù ń fa ọmú wíwú. Ó máa ń fún àwọn àgbà màálù ní kálísíọ́mù gbígbémì méjì, ọ̀kan lẹ́yìn ìbí, ọ̀kan lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e.

Dókítà Ẹran Ògbómọ̀ṣọ́
Fún ti Ìsẹ́yìn, níwọ̀n ìgbà tí igo kì í wà nítòsí nígbà gbogbo, mo wà lẹ́yìn Bàbá: ẹ mú èyí tó tó ọmọ mu lọ́jọ́ kìíní, lítà 3 tàbí 4 láàárín wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ máa wo ọmú lójoojúmọ́ kó má wú.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
*(ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)*
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Abo yẹn kan náà tún ni. Kò jókòó mọ́ látìgbà yẹn. Ó ti ń fún lítà 14, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí 9 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oúnjẹ àpòpọ̀ tó fẹ́ràn jù, kò fọwọ́ kàn án mọ́, koríko gbígbẹ nìkan ló ń jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ le, ó ń dán. Ó sì ti rù, ìhà ti yọ. Ara rẹ̀ 38.6.

Ṣọlá Ilé-Ẹran
Aràn ni. Ẹ fún un ní oògùn aràn. Ẹ po ṣúgà púpọ̀ sómi kí ẹ dà á sí i lẹ́nu, agbára ti tán lára rẹ̀.

Dókítà Ẹran Ògbómọ̀ṣọ́
Agbára tó tán yẹn, Ṣọlá, o tọ̀nà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣúgà kì í dé ẹ̀jẹ̀ màálù bí ó ti ń dé tiwa. Àwọn kòkòrò inú àpò ikùn ńlá rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́, tó bá sì pọ̀, inú á kan, ìyẹn a tún di àìsàn mìíràn.

Ẹ gbóòórùn èémí rẹ̀. Ǹjẹ́ ó ń run bí omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná? Ẹni mìíràn kì í gbóòórùn yìí rárá, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì gbọ́ ọ. Kí ẹ lọ sí ilé oògùn, ẹ ra bébà tí àwọn aláìsàn àtọ̀gbẹ fi ń wo kẹ́tóònù nínú ìtọ̀. Ẹ rọra fi ọwọ́ pa á lábẹ́ abẹ́ títí á fi tọ̀, kí ẹ ti bébà bọ ìtọ̀ náà. Báwo ló ṣe sanra tó kó tó bí?

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Ìyàwó mi gbóòórùn náà kíákíá, èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Bébà di àwọ̀ àlùkò gidi. Kó tó bí, ó sanra dáadáa, ìdí ìrù rẹ̀ kún pẹ̀lú ọ̀rá. Inú mi dùn sí i nígbà náà.

Dókítà Ẹran Ògbómọ̀ṣọ́
Kẹtósíìsì ni. Wàrà ń gba agbára ju èyí tó ń jẹ lọ, ara bá ń yọ́ ọ̀rá tó kó jọ. Tí ọ̀rá bá yọ́ jù, ẹ̀dọ̀ kò lè lò ó tán, èyí tó kù á di kẹ́tóònù, kẹ́tóònù náà á tún mú ẹnu rẹ̀ kọ oúnjẹ. Ẹran tó sanra jù ní ìgbà ìbí ló ń ṣe é jù, ìdubúlẹ̀ ọjọ́ ìbí sì ṣínà sílẹ̀, torí ó ti pàdánù oúnjẹ ọjọ́ yẹn.

Ẹ gba pírópílíìnì gáíkọ́ọ̀lù, mílílítà 300 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ fi igo ọlọ́rùn gígùn dà á sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi lé e torí pé ẹ fẹ́ kó yá, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ọtí ń pa. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó lónìí náà, torí àpò ikùn tó yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì máa ń fi irú àmì yìí hàn. Tí ó bá ti ń lá ògiri, tó ń fi orí ti nǹkan, tàbí tó ń kan ènìyàn, ẹ pè é lóru pàápàá.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn
Dókítà fi etí sí ìhà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ní àpò kò yí. A ti bẹ̀rẹ̀ gáíkọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, bébà ti rọ àwọ̀, ó ti fi ẹnu kan oúnjẹ àpòpọ̀. Wàrà ti gòkè sí 11.

Mo tún ní Jẹ́sì méjì tí yóò bí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀kan sanra púpọ̀. Ṣé kí n fi ebi pa á kó lè rù?

Dókítà Ẹran Ògbómọ̀ṣọ́
Rárá o. Ìgbà tí ó ti dá wàrà dúró kọ́ ni a ń mú ẹran rù. Tí ẹ bá fi ebi pa á, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kó tó bí, ẹ ó sì rí kẹtósíìsì lójú ọ̀nà. Ẹ kàn máa jẹ́ kó dúró níbi tó wà: koríko gbígbẹ púpọ̀ tó ń kún inú, oúnjẹ àpòpọ̀ díẹ̀, ẹ má fi ọ̀rá kún ọ̀rá. Ẹ fi ọwọ́ wá egungun ìhà àti ìdí ìrù kí ẹ má fi ojú nìkan wò ó. Tó bá bí, ẹ máa fi oúnjẹ àpòpọ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ ti bébà bọ ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ṣọlá Ilé-Ẹran
Dókítà, ẹ ní ká mú kálísíọ́mù kúrò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn. Tí màálù bá bí ṣáájú ọjọ́ tí a ṣírò ńkọ́?

Dókítà Ẹran Ògbómọ̀ṣọ́
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ tí akọ gùn ún sílẹ̀, kí ẹ ka ọjọ́ 280. Tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmú bá ń kún. Kí igo 500 méjì wà nílé kó tó bí, ní ibi tí oòrùn kò dé.

Bàbá Wàrà
Páǹpù mi ṣì wà nínú yàrá, mi ò ní jù ú nù.